Láti Apá Òsì

Kọ̀ǹpútà ayàwòrán wa kú, fọ́tò ayẹyẹ ìjọ sì bá a lọ. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù wà nínú férémù ní gbọ̀ngàn ìjọ ní Oǹdó. Àwọn atẹ̀wé ibẹ̀ ló máa dà á kọ sínú ìwé ìtàn ìjọ. Èmi tí mo wà ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́, ni mo fẹ́ kọ orúkọ àwọn èèyàn sábẹ́ rẹ̀.

Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni ìyá akọ̀wé ìjọ, tí wọ́n wà ní Oǹdó, ń lò, kò lè fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró níwájú férémù, kí wọ́n máa ka àwọn tó wà nínú rẹ̀ fún mi láti apá òsì.

“Bàbá alága, àlùfáà, ìyá ìjọ, èmi náà wá kẹ́yìn.”

Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Nígbà tí àwọn atẹ̀wé fi ojú ìwé náà ránṣẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, bàbá alága mi wé gèlè. Lápá ọ̀tún pátápátá, ìyá akọ̀wé hu irùngbọ̀n.

Mo tún pè wọ́n. “Màmá, òsì ni mo ní kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.”

“Mo gbọ́,” ni wọ́n wí. “Èmi ni mo wà lósì. Ṣé kí n wá dárúkọ ara mi ṣáájú bàbá ni?”