Holi Tí Àlímì Fà Wá sí Fẹ́búárì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí òṣùpá máa kún, kó má wulẹ̀ gbójú sókè. Kó wọkọ̀ lọ sí Piacenza ní Ítálì, kó béèrè Àlímì ní ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ Ìwó ni. Òun ni olórí ọ̀wọ́, òun ló ń kọ turno, ìyẹn ìpín iṣẹ́ oníkálukú, kò sì sí ohun tí kò mọ̀, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ.

Mahesh, ọmọ Íńdíà tí wọ́n jọ ń di ẹrù, ló máa ń gba turno Àlímì ṣe ní gbogbo Iléyá. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ó lọ sílé ní Íńdíà lọ kó ìyàwó rẹ̀ àti Diya, ọmọ wọn ọmọ ọdún mẹ́fà. Ohun kan ló bẹ Àlímì kó tó lọ: Holi, ọdún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tí wọ́n fi ń da àwọ̀ síra wọn lára, èyí tí Diya máa kọ́kọ́ ṣe ní Ítálì, òun fẹ́ wà nílé lọ́jọ́ náà. Òun á fi ọjọ́ ránṣẹ́.

Àlímì kò dúró de ọjọ́ kankan. Ìwé ferie, ìyẹn ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, fẹ́ẹ́ tì, ó sì ní orí. Ó tú turno àtijọ́ jáde: Holi 2021, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Máàṣì, 2022, ọjọ́ kejìdínlógún, 2023, ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ mọ́kànlá, ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ̀yìn ló ń rìn bíi ààwẹ̀ wa gan-an! Ó yọ ọ́, ó bọ́ sí ìparí Fẹ́búárì. Ó wo fóònù, òṣùpá máa kún ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, ó bá kọ ferie Mahesh sí ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó lẹ ìwé mọ́ ògiri. Kí ló tún kù?

Àyọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, ní kí ló dé tí ọkọ òun ò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ọdún. Àlímì ní ẹni tó mọ ìṣirò kì í béèrè.

Nígbà tí Mahesh dé, tó rí ìwé náà lára ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí páálí. Lẹ́yìn náà ló wá ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Máàṣì. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, turno ọ̀sán. Ẹ̀rín tán.

“Capo,” ó pe olórí ọ̀wọ́ rẹ̀, “òṣùpá oṣù wo lo mú yìí?”

Ó ṣàlàyé fún un níwájú ẹ̀rọ kọfí. Òṣùpá méjìlá, ọjọ́ 354 ni, ó fi bí ọjọ́ mọ́kànlá dín sí ọdún oòrùn. Ìdí nìyẹn tí Holi fi ń rìn sẹ́yìn. Àmọ́ Holi ò gbọdọ̀ sá kúrò níbi tí òtútù ti ń tán, tí àlìkámà sì ń gbó lóko. Nítorí náà, ní nǹkan bí oṣù méjìlélọ́gbọ̀n sí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, oṣù kan máa ń wà tí oòrùn kò wọ ìkankan tuntun nínú ilé ìràwọ̀ méjìlá tó ń gbà kọjá lọ́dún. Oṣù yẹn ni àfikún: wọn á kà á, wọn á tún ka orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ní Júláì sí Ọ́gọ́ọ̀sì tó kọjá, oṣù Shravana méjì ni wọ́n ṣe. Holi bá padà síwájú.

“Òṣùpá Fẹ́búárì ńkọ́?” Àlímì ní.

Iyẹn ti oṣù Magha ni, Mahesh dáhùn. Ìràwọ̀ tí òṣùpá bá kún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń fún oṣù lórúkọ. Ti Fẹ́búárì kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ Magha, ìràwọ̀ àyà Kìnnìún, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó rí bíi kìnnìún. Ti Máàṣì á kún lápá ìrù rẹ̀, níbi àwọn ìràwọ̀ Phalguni. Oṣù Phalguna nìyẹn, oṣù tó ń parí ọdún àwọn ará àríwá Íńdíà. Alẹ́ òṣùpá yẹn ni wọ́n ń dáná sun ère Holika, obìnrin búburú tó fẹ́ fi iná pa ọmọ tó ń sin Ọlọ́run, tí iná sì jó òun fúnra rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó di àwọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwa Mùsùlùmí, a kì í fi oṣù kún oṣù. Ààwẹ̀ á yí gbogbo ìgbà ká, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀mọ̀wé Àlímì ti fi ọ̀pá ààwẹ̀ wọn Holi.

Ferie ti tì, ọ̀gá ò gbọ́. Ọ̀nà kan ló kù: kí ẹnìkan tó sinmi lọ́jọ́ náà gba turno Mahesh. Ta ló sinmi? Àlímì ni. Òun ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, kó lè fi oorun gba ààwẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún jẹ́jẹ́.

Ó gbà á. Láti aago méjì ọ̀sán ló ti ń gbé páálí, ẹnu rẹ̀ gbẹ bí ewé ẹ̀ẹ̀rùn. Bí oòrùn ṣe wọ̀, Mahesh àti Diya dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú dàbínù àti abọ́ oúnjẹ, ara wọn pupa, ara wọn yẹ́lò. Kí Àlímì tó gbé omi mì, Diya ti fi àwọ̀ kun iwájú orí rẹ̀. Kò pẹ́, òṣùpá yọ lẹ́yìn òrùlé, kírìbìtì.

“Zio, la luna!” ọmọ náà ní. Bọ̀ọ̀dá, òṣùpá rèé, ló ń wí lédè Ítálì.

Àlímì wò ó. Òṣùpá tó dá ààwẹ̀ òun sí méjì, òun kan náà ló gbé Holi wá.

“Mahesh,” ó ní, “ọjọ́ wo ni ti ọdún tó ń bọ̀?”

“Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Máàṣì.”

Ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn géérégé. Lọ́dún yẹn, ìṣirò rẹ̀ nìkan ì bá tó. Ṣùgbọ́n ó ti béèrè ná.