Ẹran Tí Bàbá Ní Ó Rọ̀

Ní ilé ọkọ mi, ẹnìkan kì í fi ẹnu kan ẹran ìpàdé ẹbí kí bàbá ọkọ mi tó jẹ tirẹ̀. Òun ni àgbà ilé. Bí wọ́n bá ti gbé àwo síwájú rẹ̀, yóò ṣe bísímílà, yóò mú ẹran ẹyọ kan, yóò jẹ ẹ́, yóò gbé e mì, gbogbo wa á sì máa wò ó lẹ́nu. Ìgbà tó bá sọ pé "Alhamudulilahi" ni ọwọ́ àwọn yòókù tó lè wọ àwo. Ìyàwó tó dáná gan-an ò gbọdọ̀ tọ́ ẹran náà wò. Omi ọbẹ̀ nìkan ló lè fi kan ahọ́n. Wọ́n ní bí ẹni tó sè é bá ti jẹ níbẹ̀, àjẹkù ló gbé fún àgbà.

Èmi ò bá òfin yẹn jà rí. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ẹ̀gbẹ́ Boundary níbí ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n àlejò ni àwọn òbí mi nínú Ajégúnlẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ mi ni onílẹ̀. Bí èèyàn bá wọ ilé onílẹ̀, á kọ́kọ́ bọ́ bàtà ná.

Ohun tí àwọn ará ìpàdé ò mọ̀ ni pé eyín méjì péré ló kù lẹ́nu Bàbá tó lè jẹ ẹran, lápá ọ̀tún, lẹ́yìn pátápátá. Ọkọ mi mọ̀, èmi mọ̀, ìyáálé mi tó jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mọ̀. Níta, Bàbá máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn sì rò pé ìwà àgbàlagbà ni. Ó ní ìdí tó fi ń pa á mọ́. Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lápá Malu Road ti ń wá ipò rẹ̀. Ní ìpàdé kan, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ẹbí pé, "Àgbà tí kò bá lè jẹ ẹran mọ́, kí ló tún ń ṣe nídìí àwo? Kó lọ sinmi, kó gbé e fún ẹni tó léyín." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi wà láyé, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ẹran. Láti àárọ̀ kùtù ni Màmá á ti gbé ìkòkò sórí èédú, iná kékeré, á ṣí ìdérí sílẹ̀ díẹ̀, omi á kàn máa mì jẹ́jẹ́. Bó bá ṣe díẹ̀, á fi ẹ̀yìn ṣíbí ọbẹ̀ tẹ ẹran mọ́ ara ìkòkò. Bí ẹran bá ṣì ń ta padà, á bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i, á sì jókòó. Ìgbà tí eegun bá yọ fúnra rẹ̀ lára ẹran, á ní, "Ẹ gbé e sọ̀." Kò nílò kó tọ́ ọ wò. Ojú àti ṣíbí ló fi ń tọ́ ọ.

Èmi ra ìkòkò prẹ́ṣà. Ọ́fíìsì àwọn tó ń kó ẹrù jáde ní wáfù Apapa ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kí n sì tó dé ilé, ó ti rẹ̀ mí. Ìkòkò yìí ń ti ooru mọ́lé, omi inú rẹ̀ á gbóná ju ti ìkòkò lásán lọ, iṣan tó bá ń fi ọ̀sán gbogbo ṣàgídí á yọ́ kíákíá. Mi ò parọ́ mọ́ ọn. Òun ni mo fi ń se ẹran Bàbá lójoojúmọ́, Bàbá á sì jẹ ẹ́, á ní, "Ìyàwó mi, Ọlọ́run á bù kún ẹ." Bí orí mi ṣe wú nìyẹn.

Ìyáálé mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọn, á ní, "Ẹ pa ìkòkò abínú yẹn o, kó tó pa wá." Á wá ju òwe lé e: "Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a bá fagbára mú ní í le koko." Èmi á ní, "Ìyáálé mi, ẹ̀sọ̀ ti wọ́n lásìkò yìí, gáàsì náà sì ti wọ́n."

Oúnjẹ ìpàdé kàn mí ní ọjọ́ Àìkú kan. Wọ́n fa òbúkọ dé, arúgbó òbúkọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àbúrò Bàbá. Wọ́n pa á, wọ́n kun ún. Ìyáálé mi ní òun á bá mi dá èédú láàárọ̀, ká tètè gbé e kaná. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Mo wọ aṣọ mi, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó síbẹ̀ mo ń kọrin, ẹran arúgbó ń dúró dè mí nílé.

Ìgbà tí mo dé ni mo rí i pé ẹran náà pọ̀ ju ìkòkò lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, mo rọ́ ọ kún dé ọrùn, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí èèyàn fi àyè sílẹ̀ fún ooru. Mo wá ju pọ̀nmọ́ díẹ̀ lé e lórí. Ọgbọ́n tí mo rò pé mo gbọ́n nìyẹn: ọjà ni pọ̀nmọ́ ti wá, kì í ṣe ara òbúkọ ìpàdé, òfin ò sì dè é. Bí mo bá tọ́ pọ̀nmọ́ wò tó rọ̀, ẹran náà rọ̀ nìyẹn. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí èrò náà sọ sí mi lọ́kàn.

Nítorí pé ìkòkò ti kún jù, ìfófòó ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lójú ihò tí ooru ń gbà. Ẹ̀rù bà mí, mo rẹ iná sílẹ̀ títí tí fèrè fi dákẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé agbára inú ìkòkò ti lọ sílẹ̀, òun àti ìkòkò lásán ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n aago tí mo ń wò lára fóònù mi ò mọ ìyẹn. Wọ́n ti kírun Àílà tán, mo ń gbọ́ ohùn àwọn àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi ṣíbí gbé irin orí ìdérí, ooru pariwo jáde. Nígbà tó dákẹ́, mo ṣí i. Mo mú pọ̀nmọ́, ó yọ́ mọ́ mi lẹ́nu bí ẹ̀kọ.

Ìyáálé mi bi mí pé, "O tẹ ẹran wò?"

"Pọ̀nmọ́ ti rọ̀, ìyáálé mi. Kí ló tún kù?"

"Wọ́n ti se pọ̀nmọ́ lọ́jà kó tó dé ọwọ́ ẹ. Ta ló bá ẹ se òbúkọ?"

Mo da gbogbo rẹ̀ sínú ata, mo jẹ́ kó hó díẹ̀, mo bu ti Bàbá, mo fi ọwọ́ ara mi gbé e wọ pálọ̀.

Bàbá ṣe bísímílà, ó mú ẹran. Mo wo párì rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ lápá ọ̀tún, ó dúró, ó tún jẹ ẹ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹran náà yi, nítorí mo mọ bí párì Bàbá ṣe ń lọ bí ẹran bá rọ̀. Àbúrò rẹ̀ na ọrùn síwájú, ẹ̀rín ti ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá dúró lójijì, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó nu ẹnu rẹ̀ dáadáa, ó ká a, ó fi sí àpò. Ó mu omi.

"Alhamudulilahi," ó ní. "Ẹran rọ̀. Ẹ jẹun."

Ọwọ́ bọ́ sáwo. Láìpẹ́, kò sẹ́nu tó ṣófo. Àwọn géńdé ń fa ẹran bí ẹni ń fa okùn ọkọ̀ ojú omi ní Kirikiri. Ọmọ àbúrò Bàbá kan ní, "Ah, dis goat strong—" ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ní, "Strong pẹ̀lú adùn, àbí?" Àgbà ti sọ pé ó rọ̀, ta ni yóò sọ pé ó yi? Àbúrò Bàbá tó fi eyín ṣe fọ́ńté jẹ tirẹ̀ títí, ó wá rọra tu ú sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Ó wo Bàbá tìyanutìyanu. Kò sọ̀rọ̀ ipò lọ́jọ́ náà, ó sì wá dọ̀bálẹ̀ kó tó lọ.

Àwọn obìnrin ń kí mi pé, "Ìyàwó, o kú iṣẹ́ o." Ojú ń tì mí. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, tèmi tìkòkò.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bàbá pè mí wọ yàrá. Ó na áńkáṣíìfù náà sí mi, bó ṣe ká a gẹ́lẹ́.

"Bá mi dá a padà sórí iná," ó ní. "Iná kékeré ni o."

Mo mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Ìyáálé mi ti dá èédú sílẹ̀ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. Mo tú áńkáṣíìfù náà lójú wọn. Ẹran wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lára rẹ̀, eyín kan sì dúró sínú ẹran ọ̀hún. Ọ̀kan nínú méjì.

Mo ń retí kí ìyáálé mi sọ ọ́, kí wọ́n pòwe wọn, kí wọ́n bú mi. Ì bá sàn fún mi. Wọ́n yọ eyín náà, wọ́n ṣan ẹran lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbé ìkòkò kékeré kaná, wọ́n wá fi ṣíbí ọbẹ̀ lé mi lọ́wọ́. A jókòó ti iná. Mo ń sunkún, mo ń tẹ ẹran mọ́ ara ìkòkò, ó ń ta padà. Mo bu omi gbígbóná sí i. Oòrùn kúrò lórí òrùlé, ó kúrò lára ògiri, kí ẹran náà tó gbà. Nígbà tó wá yá, mo tẹ ṣíbí, ó já bí iṣu.

Mo gbé e lọ bá Bàbá lórí àwo, mo kúnlẹ̀. Mo di eyín náà mọ́ ọwọ́ kejì, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Mo kàn la ọwọ́ náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

Bàbá wò ó, ó tún wo ojú mi. Kò fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo mọ̀," ó ní. "Gbé ìyẹn sílẹ̀. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ tọ́ ẹran wò kí n tó jẹ ẹ́."