Ẹni Tó Wà Nínú Láptọ́ọ̀pù

Múfútáù tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Kofar Doya kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ fún oníbàárà. Ó gba ẹ̀rọ tí Ìyá Zahrau gbé wá, ó mi ìdérí rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ náà tàn, ó kú, ó tún tàn. Ó fọwọ́ kúrò, ojú rẹ̀ tàn láìkú mọ́. Ó wá so ó mọ́ mọnítọ̀ orí tábìlì, ó tún mi ìdérí. Àwòrán orí mọnítọ̀ kò ṣẹ́jú rárá.

"Ojú rẹ̀ kò bàjẹ́. Wáyà tó gba ẹ̀gbẹ́ híńjì ìdérí kọjá ló ti bó." Ó tú u, ó fi hàn án, inú sì bí i. "Haba, Ìyá! Ta ló ń ṣí i, tó ń pa á dé bí ilẹ̀kùn báyìí?"

"Èmi ni. Zahrau ọmọ mi tó kú ló ni ín. Inú rẹ̀ nìkan ni àwòrán rẹ̀ wà. Baba rẹ̀ ò sì fẹ́ kí a gbé àwòrán òkú kọ́ ara ògiri."

"Ẹ ṣáà ṣí i sílẹ̀, kí ẹ máa wò ó."

"Bí mo bá ṣí i sílẹ̀, á kàn máa wò mí, kò ní sọ̀rọ̀. Mi ò lè fara dà á, n óò pa á dé. Kò ní pẹ́, á dà bíi pé mo ti ọmọ mi mọ́ inú òkùnkùn, n óò tún ṣí i."

Múfútáù fi wáyà tuntun sí i. Zahrau yọ lójú ẹ̀rọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Múfútáù gbé ẹ̀rọ náà lé ìyá lọ́wọ́ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ìyá, ẹ máa ṣí i. Ẹ máa pa á dé. Bí wáyà bá tún bó, ẹ gbé e wá."