Káàdì Mẹ́fà Tó Dorí Kodò

Àárẹ̀ tó ń ṣe Àǹtí Káàdì kì í ṣe èyí tí oorun ń wò sàn. Láti àárọ̀ ló ti ń dúró nídìí tábìlì gígùn ní ilé ìfọṣọ, tó ń lọ aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì, funfun lórí funfun, títí ojú rẹ̀ á fi máa rí funfun kódà nígbà tó bá dì í. Tó bá délé, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á jókòó sórí àga tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Àbúrò ìyá rẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ ń gbé, arúgbó kan tó ń pè ní Ìyá Kékeré, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí èèyàn ò tíì sọ.

Ìyá Kékeré ló kọ́ ọ ní káàdì wíwò. Ẹ má rò pé káàdì tẹ́tẹ́ ni mò ń wí o. Káàdì aláwòrán ni, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì láti fi ro ọ̀rọ̀ tó díjú mọ́ni lọ́wọ́. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, àwọn obìnrin tó ń ká aṣọ á sún mọ́ ọn: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ti bọ̀dá yìí." Á wò ó, á sì sọ ọ́ bó ṣe rí, kò ní fi oyin sí i. Ibi tí wọ́n ti fún un lórúkọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní ilé ìfọṣọ náà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é, torí bó ṣe máa ń bá ẹ̀rọ tó bá yarí sọ̀rọ̀ nìyẹn: "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, kí ló ń dùn ẹ́?" Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ kún fún gírísì, ẹ̀rín rẹ̀ kì í pariwo. Tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ fún oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀gbẹ́ Àǹtí ló máa ń wá jókòó sí. Ohun tó sì sọ obìnrin tí àárẹ̀ ti mú náà di ẹni tó ń para lójú kó tó lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn.

Wàyí o, ilé ìfọṣọ yìí fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun sí ìlú mìíràn, ọ̀gá wọn sì ti pe Àǹtí. "Ìwọ ni mo fẹ́ kó lọ ṣe olórí àwọn alọṣọ níbẹ̀. Wàá máa jókòó ṣiṣẹ́. Dá mi lóhùn lọ́la, torí ẹlòmíì ń dúró." Kí a máa jókòó ṣiṣẹ́! Orúnkún Àǹtí ti ń bẹ̀bẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá lọ, ta ni yóò máa jókòó ti Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́? Tí ọkùnrin náà bá sì ní in lọ́kàn ńkọ́, tó kàn ń tijú?

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kí àwọn yòókù tó padà látibi oúnjẹ, ó tẹ́ káàdì sórí tábìlì aṣọ. Ọ̀nà tí Ìyá Kékeré kọ́ ọ ló gbà: ẹsẹ méjì, káàdì mẹ́ta mẹ́ta. Ẹsẹ tó sún mọ́ ẹni tó ń tẹ́ ẹ jẹ́ tirẹ̀, èyí tó wà lókè jẹ́ ti ẹni tó ń bèèrè nípa rẹ̀. Láti apá òsì lọ sí ọ̀tún, àkọ́kọ́ ni ohun tó wà lọ́kàn ẹni náà, ìkejì ni ohun tó ń fi hàn, ìkẹta ni ohun tó ń retí. Bó ṣe gbé ìkẹfà sílẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ, tó wà lódìkejì tábìlì, bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ó sáré yí tábìlì po, ó lọ pa á. Ibẹ̀ náà ló dúró sí, tó fi ọwọ́ lé tábìlì, tó wò ó.

Ọkàn rẹ̀ fò. Ní ipò ọkàn ọkùnrin náà gan-an, Ife Méjì ni! Àwòrán ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n kọjú síra wọn, tí kálukú gbé ife sókè fún ẹnì kejì ni. Bí káàdì kan bá wà tó ń sọ pé ẹni méjì fẹ́ràn ara wọn ní dọ́gbadọ́gba, òun náà ni. Lóòótọ́, ó dorí kodò, èyí tó túmọ̀ sí pé nǹkan ń dí ọ̀rọ̀ náà lọ́nà. Àǹtí ní, "Hẹn, kò tíì lè sọ ọ́ jáde ni." Èyí tó tẹ̀ lé e náà dorí kodò. Ó ní ìtìjú ni. Gbogbo wọn ló dorí kodò, gbogbo wọn ló sì rí àwáwí fún. Ká ní oníbàárà rẹ̀ ló ṣe irú àwáwí yìí, ì bá ti rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn ún.

Nígbà tó délé, ó sọ fún Ìyá Kékeré pé òun ò ní lọ sí ìlú kankan.

"Kí ló dé?"

"Mo tẹ́ káàdì nípa ẹnì kan. Ife Méjì ló wà lọ́kàn rẹ̀, Ìyá."

"Ó dúró dáadáa?"

"Ó dorí kodò. Gbogbo wọn ló dorí kodò, àmọ́..."

Arúgbó gbé orí sókè. "Gbogbo wọn kẹ̀? Káàdì mẹ́fà jọ ṣèpàdé, wọ́n ní àwọn á jọ dorí kodò? Ọmọ mi, ibo lo dúró sí nígbà tó o ń wò ó?"

 Àǹtí rántí òórùn áyọ́ọ̀nù. Ó rántí bó ṣe yí tábìlì po. Ìyá Kékeré ní kó gbé káàdì wá, kó tẹ́ ẹ bó ṣe tẹ́ ẹ lọ́sàn-án, kó sì jókòó síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbé e sílẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá rí i kedere: gbogbo káàdì dúró ṣánṣán, Ife Méjì sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lápá ọ̀tún, nínú ẹsẹ Àǹtí fúnra rẹ̀. Ipò ohun tó ń retí ni.

"Ohun tí ìwọ ń retí lo kà sí ọkàn rẹ̀," ni Ìyá Kékeré wí, ohùn rẹ̀ ò le. "Kí ló wà ní ọkàn tìrẹ?"

"Ife Méje." Àwòrán ẹnì kan tó dúró níwájú ife méje tó léfòó nínú ìkùukùu, tí ohun mèremère kún inú wọn, tí ọwọ́ rẹ̀ ò sì lè kan ọ̀kan. Àlá ojúmọmọ. Àǹtí ti ka káàdì yẹn fún àìmọye obìnrin, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ń sọ.

"Ti ọkùnrin náà ńkọ́?"

"Ní ọkàn rẹ̀, Owó Mẹ́fà. Ẹni tó ń ṣe ojú àánú, tó ń pín fún ẹni tó bá wà nítòsí. Ohun tó ń fi hàn, Owó Mẹ́jọ, oníṣẹ́ ọwọ́ tó tẹrí ba sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń retí, Adágbé, bàbá tó dá dúró tòun ti àtùpà rẹ̀."

Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ má bínú sí i. Ó ní, "Àmọ́ Adágbé lè máa wá ẹnì kan kiri o. Ṣebí àtùpà ló gbé dání yẹn."

Ìyá Kékeré rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó rẹ̀ ẹ́, mo mọ̀. Jẹ́ ká pe ẹlẹ́rìí. Mú káàdì ọkùnrin náà ní kọ̀ọ̀kan, kó o sọ ohun kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, tí ojú rẹ rí, tí kì í ṣe ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Èyí tí kò bá ní ẹlẹ́rìí, dà á dé."

Owó Mẹ́fà: ó gbé fáànù wá fún un lọ́jọ́ tí ooru pọ̀. Fún òun nìkan? Rárá, ó gbé fún àwọn tó ń ká aṣọ pẹ̀lú, ó tiẹ̀ kọ́kọ́ gbé tiwọn. Káàdì náà dúró. Owó Mẹ́jọ kò nílò ẹlẹ́rìí, gírísì ọwọ́ rẹ̀ tó o. Adágbé: kì í bá wọn rìn lọ sílé, kì í bèèrè ibi tí ẹnikẹ́ni ń gbé. Ìyẹn náà dúró. Ìyá Kékeré wá fi ìka kan Ife Méjì. "Tó bá jẹ́ pé tirẹ̀ nìyí lóòótọ́, ta ni ẹlẹ́rìí ẹ̀?"

"Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń wá jókòó sí."

"Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"

 Sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí. Nínú gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, òun nìkan ni wọn kò so mọ́ ẹ̀rọ, ibẹ̀ sì ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti ń fi iná sí fóònù rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń rí wáyà yẹn, kò sì kà á sí nǹkan kan rí. Ó da Ife Méjì dé pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó dùn ún dé egungun.

"Má wá fi èyí ṣe ìdájọ́ o," ni Ìyá Kékeré wí. "Káàdì kì í wọ inú ọkàn ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ohun tí ìwọ mọ̀, tó o ti ilẹ̀kùn mọ́, ló ń gbé jáde. Ẹni tó ni inú ló lè sọ tinú rẹ̀. Bi í, àmọ́ má tún wọn tẹ́ mọ́ kó o tó bi í."

Ọwọ́ Àǹtí ti ń lọ sídìí káàdì tẹ́lẹ̀, kó pò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fà á padà.

Lọ́jọ́ kejì, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wá jókòó, ó ki wáyà bọ ihò. Àǹtí ò kùn nǹkan kan sójú lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Wọ́n ní kí n lọ ṣe olórí ní ẹ̀ka tuntun. N kò tíì dá wọn lóhùn. Ìwọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi: ṣé ìdí kan wà tí wàá fi fẹ́ kí n dúró?"

Ọkùnrin náà wò ó, ó ronú dáadáa, torí kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Inú rẹ̀ wá dùn, inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn, ibẹ̀ ló sì ti dun Àǹtí jù.

"Àǹtí, ẹ kú oríire! Ẹ lọ o jàre. Ẹ ò rí bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń wú? Ẹ̀rọ tuntun ló wà níbẹ̀." Ó bojú wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá máa gba ipò yín, ẹ bá mi sọ fún un kó má fi aṣọ dí sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí."

Àǹtí rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì ń ta á. Ó ní òun á sọ fún un. Kó tó lọ dá ọ̀gá lóhùn pé òun gbà, ó fi ọwọ́ ti òkìtì aṣọ funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kúrò nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, kí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lè rí ààyè jókòó dáadáa.