Orúkọ Tí Olúwaṣọ̀gá Sọ Ìkànnì Rẹ̀

Olúwaṣọ̀gá kò rí ohun tó burú nínú kéèyàn máa pe ẹ̀rọ ìlọ̀ ẹ̀gẹ́ ní Ìyàwó. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe n'Ifangni, ẹ̀rọ tó sì kọ́kọ́ fowó ara rẹ̀ rà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí dòní. Bó bá ti dún gbòò láàárọ̀, á ní, "Ìyàwó ti jí." Angèle, aya tó gbé níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò bá a jà sí i. Àwọn ọmọ tó ń gún lábẹ́rẹ́ àjẹsára nílé ìwòsàn ti tó o ṣe.

Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ nígbà tí Olúwaṣọ̀gá ṣí ìkànnì sórí YouTube, kó lè máa kọ́ àwọn tó ní ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe. Fídíò rẹ̀ dára. Àmọ́ "Èmi àti Ìyàwó Mi" ló sọ ìkànnì náà. Fọ́tò tó rẹwà jù lórí fóònù rẹ̀ ni ti ìgbéyàwó wọn, ló bá fi ìyẹn sínú òbìrìkìtì kékeré níbi tí ojú oníkànnì máa ń wà. Fún bannière, àwòrán gbọọrọ tó ń wà lókè ìkànnì, ó wá òdòdó pupa. Níbi àlàyé, ó kọ "Ẹ káàbọ̀." Ó parí.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí gbé fídíò jáde. "Ìyàwó mi kò fẹ́ jí." "Ìyàwó mi ń tú èéfín." Èyí tó wá da ìlú rú ni "Ìyàwó mi ń mu epo jù: ohun tí mo ṣe." Àwọn tó ń wá ìmọ̀ràn ìgbéyàwó ṣí i, wọ́n bá irin àti gírísì, wọ́n sá kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Àwọn tó kù kò tilẹ̀ ṣí i. Wọ́n rí orúkọ, wọ́n rí fọ́tò, wọ́n mi orí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Màmá Ọ̀ṣuntóyè gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́. Ó fa Angèle mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn Màmá kì í rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa.

"Madame, epo pupa yẹn, ṣé inú ìgò lẹ ti ń mu ún ni, àbí ẹ ń fi ṣíbí bù ú?"

"Epo wo, Màmá?"

"Ọkọ yín ti sọ fáyé gbọ́. Ó ní ẹ tún ń tú èéfín."

Gbogbo ìyá tó tò sílẹ̀ yíjú wò ó. Angèle wo aṣọ iṣẹ́ ara rẹ̀, bí ẹni pé èéfín lè ti máa jáde lóòótọ́.

Ó gún gbogbo wọn lábẹ́rẹ́ tán, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gun zémìjàn, ọ̀kadà akérò, lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ayọ̀mikún! Ta ló ń mu epo?"

Olúwaṣọ̀gá na sípánà sí ẹ̀rọ. "Òun ni."

"Fọ́tò ta ló wà níbẹ̀?"

Ó wo fóònù títí. "Tìẹ ni."

Ìbẹ̀rù mú un, ó yí orúkọ náà padà lójú ẹsẹ̀: "Angèle Kì Í Mu Epo." Angèle kà á, ó jókòó sórí táyà.

"Ẹ tún wá forúkọ mi sí i!"

Ó fẹ́ tún un yí, aya rẹ̀ já fóònù gbà. "Ẹ dúró! Wọ́n kọ ọ́ síbí: ẹ̀ẹ̀mejì péré lèèyàn lè yí orúkọ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó ku ẹyọ kan."

"Ṣé kí n kọ 'Ọba Sípánà'?"

"Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kú ní Tchaada, kí ni yóò tẹ̀ láti wá yín?"

"Àtúnṣe ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́."

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Wọ́n sì fi orúkọ Olúwaṣọ̀gá tẹ̀lé e.

Fún fọ́tò, ó fẹ́ kí òun, ẹ̀rọ, ṣọ́ọ̀bù àti pátákó wọlé pọ̀. Nínú òbìrìkìtì, gbogbo wọn dà bí eṣinṣin lára ògiri. Angèle ya ojú rẹ̀ nìkan, pẹ̀lú sípánà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bannière ló wá pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Olúwaṣọ̀gá dúró ṣánṣán, láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n yóò rí i tán, ṣùgbọ́n àárín nìkan ni fóònù ń fi hàn, ikùn rẹ̀ ló sì wà láàárín.

"Wọ́n á rò pé oúnjẹ lẹ ń tà," ni Angèle wí. Ó sún sẹ́yìn, ó tún un yà, ó kó ojú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rọ àti àkọlé "Ẹ̀kọ́ tuntun ní Sátidé" sí àárín gbùngbùn.

Ó pe àlàyé fún un bí ẹni ń kọ káàdì aláìsàn: "Mo ń tún ẹ̀rọ ìlọ̀ ẹ̀gẹ́ ṣe n'Ifangni. Ní gbogbo Sátidé, mo ń kọ́ yín ní Yorùbá bí ẹ ṣe lè tún tiyín ṣe. Ẹ kọ ìbéèrè yín sábẹ́ fídíò." Wọ́n tún àkọlé fídíò kọ̀ọ̀kan kọ pẹ̀lú.

Ọgọ́rin ènìyàn fi ìkànnì sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀kan kọ̀wé pé, "Ṣé ìgbéyàwó yín ti tú ni? Ọlọ́run á tún un ṣe." Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó ń jẹ́ Àṣàbí, ní Lagbé, kọ pé bẹ́líìtì ẹ̀rọ òun ń bọ́ ṣáá. Olúwaṣọ̀gá ní kó pa ẹ̀rọ ná, kó wá wò ó bóyá kẹ̀kẹ́ méjèèjì tí bẹ́líìtì ń yí lé dọ́gba lórí ìlà kan. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Àṣàbí dáhùn: ọ̀kan ti wọ́, òun ti tò ó, òun ti lọ àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́fà.

Olúwaṣọ̀gá ka ìdáhùn náà lórí fóònù fún Angèle nígbà mẹ́ta nídìí oúnjẹ. Nígbà tó fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kẹrin, Angèle rọra gbé àwo ẹran ọkọ rẹ̀ sí apá kejì tábìlì, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti ní tó o àfi tó bá gbé fóònù sílẹ̀.