Justine àti Kọ̀ǹpútà Ará Kpingni

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Dassa, ní ilẹ̀ Benin, ẹ̀yìn ọjà ni wọ́n máa ń júwe fún un. Justine ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ Paouignan ni, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ta gàrí fún àwọn èrò bọ́ọ̀sì. Láti kékeré ló ti ń tú rédíò ìyá rẹ̀ palẹ̀, tí ìyẹn á máa pariwo pé, "Ṣé o fẹ́ rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ni?" Ó fẹ́ rí i lóòótọ́. Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta ní Bohicon, òun nìkan ni obìnrin láàrin ọkùnrin mọ́kànlá.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ni ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró. Bàbá Mathieu, àgbẹ̀ oníṣu láti Kpingni, sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù tó máa ń wọ̀ lọ sí ìrìnàjò mímọ́ àwọn Kátólíìkì ní Arigbo lóṣù kẹjọ. Gervais, ọmọ rẹ̀, gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan mọ́ àyà. Ẹbí mẹ́sàn-án mìíràn sì tò sẹ́yìn ọkọ̀.

"Justine, gbà wá o," ni Gervais wí. "Aago mẹ́wàá ni Murielle máa dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Faransé láti gba oyè dókítà. Wọ́n á fi hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ìgbín yá ju kọ̀ǹpútà yìí lọ."

Bàbá fi kún un pé, "Ọdún kẹjọ rèé tí mi ò fojú kan ọmọ mi. Ojú fóònù kéré jù fún ojú àgbà."

Justine fún wọn ní bẹ́ǹṣì. Ó fi fóònù rẹ̀ ṣí ojúewé ilé ẹ̀kọ́ Murielle lórí wáìfáì ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí wàrà. Ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ó ń yí, ó ń yí.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ̀bi," ló wí. "Inú ẹ̀rọ yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n Gervais, níbo lẹ ti rí i?"

"Ọ́fíìsì tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Cotonou ló fún mi nígbà tí wọ́n ra tuntun. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta."

Justine wọ inú ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó bá àdírẹ́sì ọ́fíìsì náà níbẹ̀: kọ̀ǹpútà ní láti lọ gba ìlànà níbẹ̀ kó tó jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sì sẹ́ni tó ń dáhùn níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ yóò pè, yóò dúró dúró, ìgbà tó bá sú u ni yóò tó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

"Ṣé ẹ ṣì ń fi í ṣiṣẹ́ fún wọn?"

"Rárá o."

Ó kọ àdírẹ́sì náà sínú ìwé, bóyá wọ́n á tún nílò rẹ̀, ó sì pa á rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ. Ojúewé ṣí kíákíá. Ẹbí pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Justine dán fídíò kan wò, àwòrán ń já, ó ń dúró lójijì. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá.

Ó tún jókòó ti ẹ̀rọ náà. Ó ṣí ibi tí a ti ń rí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe, ó sì rí ohun tó ń jẹ agbára rẹ̀: àńtífírúùsì méjì, ètò tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ kí fáírọ́ọ̀sì má wọ̀ ọ́. Ti ọ́fíìsì, tí àkókò rẹ̀ ti tán tipẹ́, àti ọ̀kan tí Gervais fúnra rẹ̀ fi kún un. Gbogbo ohun tó bá wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tibí á tú u wò, tọ̀hún á tún tú u. Justine dá àyẹ̀wò ti àtijọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Fídíò ń ṣàn bí omi.

"Mo ti mú ọ̀daràn!" ló kígbe, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ méjì náà fún wọn.

Bàbá Mathieu ní, "Ẹ̀ṣọ́ tí wọn ò fún lóúnjẹ láti ọdún mẹ́ta, tó ṣì ń dá àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà!"

Ẹ̀rín gba ṣọ́ọ̀bù kan.

Justine yọ ti àtijọ́ náà kúrò. Ó wá irinṣẹ́ tí àwọn tó ṣe é fi ń nu ìyókù rẹ̀ nù, nítorí yíyọ lásán kì í kó gbogbo rẹ̀ tán. Ó tan ẹ̀rọ padà, ó rí i pé àńtífírúùsì kan tó kù ń ṣiṣẹ́, ó sì mú un bá ìgbà mu. Kò jẹ́ fi ẹ̀rọ oníbàárà sílẹ̀ láìní ẹ̀ṣọ́ rárá.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago mẹ́wàá lù nígbà tó gbé kọ̀ǹpútà lé orí tábìlì.

Murielle yọ lójú ẹ̀rọ, ó mọ́ kedere. Ó sọ̀rọ̀ lórí àrùn tó ń ba iṣu jẹ́, ní èdè Faransé. Bàbá Mathieu kò gbọ́ ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá gbọ́ "igname", a mi orí, a ní, "Iṣu nìyẹn, iṣu nìyẹn." Nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó jáde lọ gbìmọ̀ padà wọlé tí wọ́n pè é ní dókítà, ọmọbìnrin náà yíjú sí kámẹ́rà, ó fi èdè Idaasha, èdè ilé wọn, kí bàbá rẹ̀. Bàbá dìde, ó ń dá a lóhùn bí ẹni pé ó wà nínú yàrá náà, omijé ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n rẹ̀. Àwọn ẹbí bú sórin. Àwọn ará ọjà sáré wá wò, Justine náà sì ń jó láàrin wọn, tòun ti irin tó fi ń tú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́.