Àtúnṣe Kéékèèké Inú Ẹ̀dà 2.3.1

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ọkùnrin kan fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ wa ní Yaba. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀: èmi, àti ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ mi níṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì. Láíbìrì kékeré kan la ń tọ́jú, ìyẹn kóòdù tó máa ń ka déètì tí ènìyàn bá tẹ̀. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń mú un sínú iṣẹ́ tiwọn.

Ọkùnrin náà na fóònù rẹ̀ síwájú. "Ta ló ń jẹ́ orúkọ yìí?"

"Èmi ni o. Ẹ jókòó ná, ọ̀gá mi," ni ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn.

Kò jókòó. Ó fi orí kan ẹ̀gbọ́n nímú. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ṣẹ́. Kí n tó mí, ó ti fa kíbọọ̀dù yọ lára kọ̀ǹpútà, ó sì ń là á mọ́ ọn lórí.

"Kí lo kọ? O ní àtúnṣe kéékèèké!" Gbà! "Kéékèèké nìyí!" Gbà! "Mo kà á kí n tó gbà á wọlé! Gba kékeré mìíràn!"

Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Ẹ̀gbọ́n ń pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?" Òótọ́ ni, kò mọ̀. Èmi mọ̀. Abẹ́ tábìlì ni mo wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń fi nǹkan pamọ́ fún ẹ̀yin náà. Tí mo bá ti parí iṣẹ́ kan, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sí i láti sọ ohun tí mo yí padà. Ẹ̀gbọ́n á kó gbogbo iṣẹ́ wa pọ̀ di ẹyọ kan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ nìkan á sì hàn. Ọ̀rọ̀ ṣókí wọ̀nyẹn ló fi máa ń kọ ìwé ìyípadà tí àwọn tó ń lo láíbìrì wa máa ń kà.

Oníbàárà kan láti òkè òkun ló ní kí a fi oṣù ṣáájú ọjọ́. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, mo kàn kọ "àtúnṣe díẹ̀" sí i. Ẹ̀gbọ́n gbà mí gbọ́. Ó pè é ní àtúnṣe kéékèèké, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lára nọ́ńbà ẹ̀dà náà nìkan ló sì fi ẹyọ kan kún, ìyẹn 2.3.1. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ìlérí nìyẹn pé kò sóhun tí yóò bàjẹ́.

Ọkùnrin yìí ló kọ ètò tí ilé ìwòsàn kékeré kan fi ń yan ọjọ́ fún àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí àìsàn kíndìnrín. Ìyá rẹ̀ wà lára wọn. Wọ́n tẹ 4/7, ọjọ́ kẹrin oṣù keje. Láíbìrì wa kà á sí ọjọ́ keje oṣù kẹrin, ọjọ́ tó ti kọjá. Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá ju méjìlá lọ, ó ṣì máa ń kà á dáadáa, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi tètè fura. Nígbà tí màmá dé, orúkọ wọn ò sí lórí ìwé. Àwọn nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n padà sílé. Ara wọn wú, èémí wọn há. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà ni wọ́n sáré gbé wọn lọ.

Àwọn tó ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀ ló wá fa ọkùnrin náà kúrò lórí ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ lọ, ó ń ké pé, "Bí màmá mi bá kú, màá padà wá! Ọwọ́ tó kọ ọ́, màá gé e!"

Lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí dókítà ti fi okùn rán ọgbẹ́ orí rẹ̀ lójú méje, ẹ̀gbọ́n ní kí n fi 2.3.2 ránṣẹ́ kíákíá, kí ọjọ́ padà síwájú oṣù. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ohun tí n ó kọ sínú ìwé ìyípadà: "Èmi ni mo yí bí a ṣe ń ka déètì padà ní 2.3.1, mi ò sì kìlọ̀. Àṣìṣe mi ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ̀yin ni?"

"Orúkọ ta lo rí níbẹ̀, àbúrò? Èmi ni mo ṣe é, mo kàn ti gbàgbé ni. Tẹ̀ ẹ́ jáde, jọ̀ọ́, orí ń fọ́ mi."

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo bẹ̀rù, ojú tì mí, inú mi sì tún dùn díẹ̀ pé kì í ṣe èmi ni wọ́n nà. Ìdùnnú kékeré yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Orí kọ̀ǹpútà tèmi nìkan ni ẹ̀rí wà pé èmi ni mo ṣe é. Màmá ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò tíì lajú. Bí mo bá jẹ́wọ́, ó lè jẹ́ èmi lọkùnrin yẹn máa pa. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀gbọ́n ni yóò padà wá bá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, kí sì ni kí n sọ?